ṢÉ APÁ BÀÁLÙ KÒ NÍ KÁN? ÌBÉÈRÈ ÀWỌN TÓ Ń BẸ̀RÙ ÒFURUFÚ

Àbúrò ìyá mi kan, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Ìbàdàn, lọ kí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n jókòó sí, ní ọ̀kánkán apá bàálù gan-an. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ni a kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ní, "Tíṣà, apá ọkọ̀ yẹn ń lọ sókè sódò bíi ti àwòdì! Mo kàn di ojú mi ni." Èmi kì í ṣe awakọ̀ òfurufú o, sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìbéèrè wọn yóò wúlò fún ẹ̀yin òǹkàwé wa pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí apá náà fi ń mì? Ṣé kò ní kán?

ÌDÁHÙN: Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó lè tẹ̀ ni. Ẹ wo igi àgbọn nígbà tí ìjì bá ń jà: ó ń tẹ̀, ó sì ń nà padà. Bí bàálù bá gbéra, apá ni ó ń gbé gbogbo ẹrù, nítorí náà ṣóńṣó apá á yọ sókè. Bí ìjì bá gbá a, apá á kọ́kọ́ tẹ̀, agbára ìjì náà á sì ti dín kù kí ó tó dé ibi tí ẹ jókòó sí. Bí wọ́n bá ṣe é kí ó le gbagidi, á wúwo, gbogbo rẹ̀ á sì máa dé ìdí yín tààrà.

Kí wọ́n tó gba irú bàálù tuntun láàyè, wọ́n á kan ọ̀kan tí kò ní fò láéláé, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ fa apá rẹ̀ sókè. Wọ́n á ṣírò ẹrù tó wúwo jù lọ tí apá náà lè bá pàdé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, wọ́n á fi ìdajì kún un, apá náà sì gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3 láìkán. Ní ọdún 2010, wọ́n fa ti Bóìngì 787 títí ṣóńṣó rẹ̀ fi gòkè ní nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 25. Kò kán. Ṣùgbọ́n ti Éàbọ́ọ̀sì A380 kán ní Túlúùsì, ilẹ̀ Faransé, ní oṣù kejì ọdún 2006, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé iye tí òfin wí. Ó ti kọjá ẹrù tó wúwo jù lọ yẹn tipẹ́, síbẹ̀ wọ́n ní láti mú ibi tó kán lágbára sí i kí wọ́n tó gbà á láàyè.

ÌBÉÈRÈ: Bí àrá bá wá sán lù ú ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ó ń lù ú dáadáa. Bàálù akérò kan lè gbà á tó ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, bàálù fúnra rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń fà á bí ó bá ti ń la kùrukùru kọjá. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó gbọ́ "gbàù!" Iná náà máa ń gba imú tàbí ṣóńṣó apá wọlé, á sáré lórí awọ bàálù, á sì gba ìrù jáde. Alumíníọ́mù ni awọ ọ̀pọ̀ bàálù, iná sì ń rìn lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní kan ẹni tó wà nínú. Kábọ́ọ̀nù ni awọ 787 ní tirẹ̀, kò gbé iná dáadáa, nítorí náà wọ́n fi àwọ̀n bàbà tín-ín-rín sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá balẹ̀, àwọn ẹnjiníà á máa wá ojú ibi tó jó, ó lè má tóbi ju orí ìṣó lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ní kí ẹ dúró ní pápákọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ má tàn mí. Ṣé kò tíì já ọ̀kan lulẹ̀ rí?

ÌDÁHÙN: Ó ti já a. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1963, Bóìngì 707 ti ilé-iṣẹ́ Páànàmù ń yí po lókè ní Mérílàǹdì, ní Amẹ́ríkà, ó ń dúró kí òjò dá kí ó lè balẹ̀ sí Filadẹ́fíà. Àrá sán lu apá òsì rẹ̀, oru epo tó wà nínú táǹkì ibẹ̀ sì gbiná. Gbogbo ènìyàn 81 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Oru epo yẹn ni ẹ fi ọkàn sí: karosíìnì nìkan kọ́ ló wà nínú táǹkì, wọ́n da epo mìíràn mọ́ ọn, oru irú èyí sì tètè ń gbiná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún òfin ṣe, kí ìtanná má baà ráyè dé ibi tí oru epo wà. Wọ́n pàṣẹ pẹ̀lú kí wọ́n fi àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí ẹ ń rí ní ẹ̀yìn apá sára bàálù, ṣùgbọ́n ní tèmi, ìyẹn kọ́ ni oògùn àrá: ariwo inú rédíò awakọ̀ ni ó ń dín kù.

ÌBÉÈRÈ: Kí wá ni kí n bẹ̀rù?

ÌDÁHÙN: Ìjókòó láìde bẹ́líìtì. Ẹ̀rọ tó wà ní imú bàálù tí ń fi ìjì han awakọ̀, omi inú kùrukùru ni ó ń rí. Afẹ́fẹ́ kan wà tó ń rú níbi tí ojú sánmà mọ́ kedere, ẹ̀rọ náà kò sì lè rí i. Bí bàálù bá já wálẹ̀ lójijì, ẹni tí kò de bẹ́líìtì á fi orí gbá àjà, nígbà tí apá bàálù kò tilẹ̀ tíì tẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti dán an wò. Àbúrò ìyá mi jẹ́wọ́ pé tiwọn wà ní títú láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó, nítorí ó ń há wọn nínú.