Kí Ló Mú Kí Ọmọ Náà Mú B?

Ẹni tó bá ti ra ìwé páàsì kúẹ́ṣọ̀n rí fún ọmọ tó fẹ́ ṣe wáẹ̀kì tàbí jáǹbù mọ bí ẹ̀yìn ìwé náà ṣe máa ń rí: nọ́ńbà kan, lẹ́tà kan, nọ́ńbà kan, lẹ́tà kan, títí dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. 1 B, 2 D, 3 A. Ọmọ tó mú C ní ìbéèrè kìíní yóò rí i pé òun kùnà, yóò fi bírò pupa fa igi sí i, yóò sì kọjá sí èkejì. Ohun tó mú un gbà pé C ni ìdáhùn ṣì wà lórí rẹ̀ digbí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Bí ìbéèrè mìíràn bá tún gba ọ̀nà yẹn wá lọ́la, ibi tó ṣubú sí lónìí náà ni yóò tún ṣubú sí.

Èyí ló fà á tí àwọn olùkọ́ kan, àtàwọn tó ń kọ ìbéèrè sórí kọ̀ǹpútà, ò fi gbà pé lẹ́tà nìkan tó mọ́. Abẹ́ ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń kọ àlàyé ṣókí sí, gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Lábẹ́ èyí tó tọ̀nà, wọ́n á sọ ohun tó sọ ọ́ di òótọ́. Lábẹ́ àwọn tí kò tọ̀nà, wọ́n á sọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n jọ òótọ́ lójú ẹni tó mú wọn. Apá kejì yìí ni iṣẹ́ wà.

Ìdáhùn èké kì í ṣe ohun tí ojú kàn ń rí tó sì ń gbàgbé. Ní 2005, àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Elizabeth Marsh, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè tí wọ́n to oríṣiríṣi ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n tún bi wọ́n ní ohun kan náà láìfi ìdáhùn kankan hàn wọ́n. Ìdánwò àkọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n rántí ẹ̀kọ́ dáadáa, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún ń kọ ìdáhùn èké tí wọ́n ti rí nínú ìdánwò àkọ́kọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé òótọ́ ni. Ní 2008, Roediger àti Andrew Butler fi hàn pé bí a bá sọ ìdáhùn tó tọ̀nà fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ìdánwò, irú àṣìkọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dín kù. Ìyẹn dára fún èyí tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó nínú ìdánwò. Èyí tó ti wà lórí rẹ̀ kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè báyọ́lọ́jì kan tó ti tú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fó káàkiri ayé: Níbo ni igi ńlá kan ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo rẹ̀? A, ilẹ̀. B, omi. C, afẹ́fẹ́. D, ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

C ni ìdáhùn. Ewé igi ń gba kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ wọlé, inú rẹ̀ ni igi ti ń yọ kábọ̀n tó fi ń kọ́ ara rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó dàgbà sí ìdí oko kò ní fẹ́ gbọ́. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ tó ti ṣá kì í ta iṣu gidi, ó sì ti rí bàbá rẹ̀ tó ń wọ́n ajílẹ̀ sí ìdí àgbàdo. A ló máa mú, ìdí tó fi mú un sì ní láárí. Ẹni tó mú B náà kò ya òpè: ẹni tó ń gbàgbé láti bomi rin ẹ̀fọ́ mọ ohun tójú ẹ̀fọ́ ń rí.

Kódà, onímọ̀ gidi ti mú B rí. Jan Baptist van Helmont, ará agbègbè Brussels, gbin igi wílò kékeré kan tó wúwo tó páùn 5 sínú ìkòkò tó ní 200 páùn iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Ọdún 5 ló fi bomi rin ín. Nígbà tó tún wọ̀n ọ́n, igi náà ti lé ní 169 páùn, iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín. Ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ pé omi nìkan ló di igi. Ó fi ìwọ̀n gidi lé A dànù, ó wá kó sọ́wọ́ B. Ohun tó dun èèyàn jù nínú ìtàn yìí ni pé van Helmont fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé nípa gáàsì tó ń jáde nígbà tí èédú bá ń jó, èyí tá a mọ̀ lónìí sí kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì. Ìdáhùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kàn so ó pọ̀ mọ́ wílò ni.

Nígbà náà, kí ni kí olùkọ́ kọ sábẹ́ A? Ọ̀pọ̀ yóò kọ pé, “Kò tọ̀nà, igi kì í rí ìwúwo rẹ̀ láti inú ilẹ̀.” Ìyẹn kàn tún lẹ́tà kọ ní gbólóhùn ni. Àlàyé tó dáa yóò kọ́kọ́ gba ohun tí ọmọ náà mọ̀, yóò wá fi ibi tí ìmọ̀ yẹn pin sí hàn án, yóò sì fún un ní nǹkan tó lè fojú ara rẹ̀ rí: “Lóòótọ́ ni igi ń fa èròjà láti inú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí ajílẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èròjà náà kéré. Bí igi ìdáná bá jó tán, eérú tó ṣẹ́ kù ni èyí tó ti inú ilẹ̀ wá. Wo bó ti mọ.”

Lábẹ́ D: “Oòrùn ló ń fún ewé ní agbára tó fi ń ṣe oúnjẹ. Agbára ni ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe èròjà. Kò sí bí a ṣe lè kó o jọ kó di ìtì igi.” Ọmọ tó mú D ti ka ìwé, ó rántí pé oòrùn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tó ń ṣe é yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń ṣe ẹni tó mú A. Lẹ́tà lásán kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Èyí tó tọ̀nà náà nílò àlàyé, torí ẹni tó ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ pọ̀: “Kábọ̀n tó nǹkan bí ìdajì ìwúwo igi gbígbẹ, inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ sì ti wá. Bó bá ń yà ọ́ lẹ́nu pé afẹ́fẹ́ lè di igi, rántí pé nígbà tí igi bá jó, inú afẹ́fẹ́ náà ló ń padà sí.”

B ló kù, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ olùkọ́ yóò ti dúró. Bó bá ti ń múra láti kọ pé omi kọ́ ni, yóò rántí pé igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè ní omi tó tó ìdajì ìwúwo rẹ̀. Ọmọ tó mú B lè jàre! Ìbéèrè náà ló ní àléébù. Ó yẹ kó béèrè ìwúwo igi tó ti gbẹ táútáú. Lẹ́yìn tó bá ti tún un ṣe, àlàyé náà yóò wá rọrùn: “Omi pọ̀ nínú igi tútù, ṣùgbọ́n igi gbígbẹ la bi ọ́. Haidirójìn inú omi ni igi fi ń kọ́ ara rẹ̀, haidirójìn sì fúyẹ́ gan-an.” Ẹni tí kò bá kọ àlàyé sábẹ́ gbogbo ìdáhùn ì bá má rí àléébù yìí, títí tí òbí kan yóò fi wá jà níléèwé.

Nínú ìṣirò, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yàtọ̀ díẹ̀, torí níbẹ̀ àṣìṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ̀ kí wọ́n tó mọ nọ́ńbà. Ká ní ìyá kan tó ń ta gaàrí fi ìdá 25 nínú 100 kún owó àpò kan, ó wá di 50,000 náírà. Èló ni tẹ́lẹ̀? 40,000 ni. Ẹni tó mú ìdá 25 nínú 50,000, tó sì yọ ọ́ kúrò, yóò dé 37,500. Ẹni tó tún fi kún un dípò kó yọ ọ́ yóò dé 62,500. Ẹni tó rò pé 25 yẹn náírà ni yóò yọ 25 kúrò, yóò dé 49,975. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dé ibẹ̀, àlàyé rẹ̀ kò sì ní ṣòro kọ. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá kàn fi 43,000 kún un kó lè pé mẹ́rin, kí ló fẹ́ kọ sábẹ́ rẹ̀? Kò sí ìṣirò tó ń gbé ọmọ débẹ̀. Ìdáhùn tí kò bá ṣeé kọ àlàyé sí, kó yọ ọ́.

Lábẹ́ 37,500, ó lè kọ báyìí: “Bóyá o mú ìdá 25 nínú owó tuntun. Orí owó àtijọ́ ni ìyá yìí ti ṣírò rẹ̀. Dán an wò: fi ìdá 25 kún 37,500, yóò jẹ́ 46,875, kò dé 50,000.” “Bóyá” yẹn wúlò, torí ẹlòmíràn fojú dí mú un ni, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀. Ohun mìíràn tó ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kéèyàn máa kọ “B kò tọ̀nà nítorí pé…” sínú àlàyé. Ẹ̀rọ ìdánwò bíi Moodle ní àyè fún àlàyé lábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó tún lè da ìdáhùn rú fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. B ti ọmọ kan lè jẹ́ D ti ẹlòmíràn. Nọ́ńbà tàbí ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kí àlàyé dárúkọ.

Lẹ́yìn ìdánwò, kíkà ló kù. Ká ní ọmọ 40 ló ṣe ìbéèrè gaàrí yẹn: 22 mú 37,500, 12 mú 40,000, 6 mú 62,500, ẹnikẹ́ni ò mú 49,975. Àwọn tó ń yẹ ìbéèrè wò sábà máa ń sọ pé ìdáhùn tí kò bá rí ìdá 5 nínú 100 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú kò ṣiṣẹ́. Fún kíláàsì yìí, 49,975 kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó lè wúlò fún àwọn ọmọ tó kéré jù wọ́n lọ. Bó bá sì ṣe pé àwọn tó máa ń gba ipò iwájú wà láàárín àwọn 22 yẹn, tí àwọn tó ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn sì mú 40,000, olùkọ́ yóò kọ́kọ́ tún ìbéèrè rẹ̀ kà dáadáa kó tó dá ọmọ lẹ́bi.

Bí ìbéèrè náà bá mọ́, a jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì ti wà nílẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 40,000. Kí wọ́n fi ìdá 25 kún un, yóò di 50,000. Kí olùkọ́ wá ní kí wọ́n yọ ìdá 25 kúrò nínú 50,000 yẹn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ibi tó rò pé òun máa dé kó tó ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yóò pariwo 40,000. Nígbà tí 37,500 bá jáde, àwọn 22 yẹn ló máa kọ́kọ́ béèrè ibi tí 2,500 wọlé sí.