Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Iná odidi ẹja yàtọ̀ sí ti ẹja tí a yọ eegun rẹ̀

Ẹpìyà tútù tí ẹ rà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ẹ lè dín in lódidi, ẹ sì lè la ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò lára eegun. Ẹja kan náà ni, àmọ́ iná wọn kò dọ́gba. Omi ara ẹja àti òróró tí kò tíì gbóná ló ń mú kí méjèèjì lẹ̀ mọ́ páànù. Ẹ nù ún gbẹ, kí òróró sì gbóná débi pé tí ìrù ẹja bá kàn án, yóò hó lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má fọwọ́ kàn án: tí abẹ́ rẹ̀ bá ti pọ́n, yóò ṣí fúnra rẹ̀.

Ẹran ẹ̀gbẹ́ tí kò nípọn ju ìka kan lọ ń fẹ́ iná tó lágbára díẹ̀: ìṣẹ́jú 3 lápá awọ, 1 sí 2 lápá kejì. Odidi ẹja tó tó 500 gíráàmù ń fẹ́ òróró tó dé ìdajì ara rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ṣá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi iná kan náà bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mú un wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, torí kí awọ má baà jó kí ooru tó dé eegun. Ìṣẹ́jú 6 sí 8 lápá kọ̀ọ̀kan á tó. Ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ yóò funfun, yóò sì ṣí lára eegun.

Àwọn kan ní iná kékeré ló ń dá ẹja sí. Mi ò gbà: kó tó pọ́n, omi inú rẹ̀ á ti gbẹ. Àwọn mìíràn ní ẹja ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kó má baà fọ́. Òótọ́ ni fún odidi ẹja. Ẹ fi ìṣẹ́jú 2 kún un. Èyí tí kò léegun, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ jinná kí ẹ tó gbé e lé e lórí.