Ó Sùn fún Wákàtí 8, Síbẹ̀ Ó Rẹ̀ Ẹ́

Bí àgbàlagbà bá ní òun sùn fún wákàtí 8, aago ló ń kà. Ó dùbúlẹ̀ ní aago 10 alẹ́, ó dìde ní aago 6 àárọ̀, ìṣirò náà sì pé. Ohun tí aago kò lè sọ ni iye ìgbà tí oorun náà já láàárín, àti bí ó ṣe wọra tó. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi lè sùn nínú yàrá kan náà láti alẹ́ di ìdájí, kí ara ọ̀kan dá ṣáṣá, kí èkejì sì ti máa wá ibi tí yóò fẹ̀yìn tì kí ọ̀sán tó pọ́n.

Oorun kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oorun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la máa ń kọ́kọ́ wọ̀, èyí tí ìró ilẹ̀kùn lásán lè jí wa nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àsùnwọra: ìgbì inú ọpọlọ á falẹ̀, ọkàn á máa lù jẹ́jẹ́, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń sáré á rọlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni oorun alálàá dé, tí ẹyinjú á máa sáré síwá sẹ́yìn lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ọdún 1953 ni Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman, ní Yunifásítì Chicago, kọ̀wé nípa eré ẹyinjú yìí. Ìyípo kan, láti oorun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí dé ti alálàá, máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 90, a sì máa ń yí i tó ìgbà 4 tàbí 5 lóru. Àsùnwọra pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, oorun alálàá sì pọ̀ jù bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa oorun tó dára, bí ìyípo yìí ṣe ń lọ láìjá ni wọ́n ń wò. Wọ́n tún máa ń bi ní pé nínú gbogbo àkókò tí èèyàn fi dùbúlẹ̀, mélòó ló fi sùn ní tòótọ́? Bí ó bá tó ìdá 85 nínú 100, wọ́n gbà pé ó dára. Ẹni tó wà lórí ibùsùn fún wákàtí 8 kò ju pé kí ó sùn fún wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 48 nínú rẹ̀ lọ kó tó bọ́ sí ìwọ̀n yẹn. Nítorí náà, kí a tají lẹ́ẹ̀kan kí a sì tún sùn padà kì í ṣe àrùn.

Ohun tó ń já oorun pọ̀. Ooru àti ariwo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, a sì mọ̀ wọ́n dáadáa, torí wọ́n ń jí wa, a sì ń ráhùn. Èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni èyí tí ń já oorun tí ẹni tó sùn kò mọ̀, tí àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì máa ń fi ṣe ẹ̀rín. Híhanrun ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí bàbá bá ń hanrun tí ògiri ń mì, wọ́n á ní, “Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbádùn oorun.” Nígbà mìíràn, ọ̀fun tó fẹ́ dí ni wọ́n ń gbọ́ yẹn.

Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lẹ́yìn ahọ́n kò ní egungun tó gbé e dúró yíká. Iṣan ló ń mú kó là sílẹ̀. Bí oorun bá dé, iṣan wọ̀nyí á dẹ̀, ihò náà á sì fún. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ibi tóóró bẹ́ẹ̀ kọjá ló ń gbọn ẹran ara tó rọ̀ níbẹ̀, ìró yẹn la ń pè ní híhanrun. Ní ti ẹni tí ọ̀rá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, tàbí tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré tó sì wọ inú, ihò náà lè dí pátápátá. Bí ẹni tó ń fa omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni: bí ó bá ṣe ń fà á lágbára tó ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá ń lẹ̀ mọ́ra tó.

Àyà àti ikùn á ṣì máa jà láti mí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ọpọlọ á ta gìrì, á jí oníǹkan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọ̀fun á ṣí pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn ńlá kan, oorun á sì tún gbé e lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí ọ̀kankan nínú rẹ̀. Bí èémí bá dá dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 10, àwọn dókítà á kà á ní ẹyọ kan. Wọ́n tún máa ń ka ìgbà tí kò dúró pátápátá ṣùgbọ́n tó dínkù gan-an tó sì da oorun rú tàbí tó fa ọ́síjìn sílẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá tó 5 ní wákàtí kan, àgbàlagbà náà kò ní àìsàn yìí. Láti 15 lọ, ọ̀ràn ti ń wúwo. Bí ó bá tó 30, ó ti le.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, irú ẹni tó máa ń dé iwájú dókítà oorun. Ẹni ọdún 48 ni, awakọ̀ ni, Ìbàdàn sí Èkó ló ń ná. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 17. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì ló ń lò, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì wálẹ̀. Bí ó bá jí, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, orí á máa fọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń dìde tọ̀ lóru, wọ́n ti yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: “Dókítà, bàbá àwọn ọmọ mi á kàn dákẹ́ lójú oorun. Mi ò ní gbọ́ èémí wọn mọ́, àyà mi á já, màá fi ìgbọ̀nwọ́ gún wọn kí wọ́n tó tún mí.”

Dókítà á bi í ní ìbéèrè 8 tí Murray Johns, oníṣègùn ará Ọsirélíà, gbé jáde ní ọdún 1991. Ṣé ó lè tòògbé bí ó bá ń kàwé? Bí ó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá dúró díẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ńkọ́? Èsì kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, àpapọ̀ sì lè tó 24. Ẹni tó bá kọjá 10, oorun ti ń kùn ún ju bó ti yẹ lọ. Awakọ̀ wa gba 16, inú èyí sì ni máàkì tó gbà fún ìtòògbé nídìí ọkọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní tòun nìkan nìyẹn, àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ náà wà nínú ewu.

Lálẹ́ àyẹ̀wò, wọ́n lẹ okùn wẹ́wẹ́ mọ́ orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú àti àgbọ̀n. Wọ́n fi ìgbànú mọ́ àyà àti ikùn, wọ́n fi ohun tó ń ka afẹ́fẹ́ sí ẹnu ihò imú, wọ́n sì fi ohun tó ń ka ọ́síjìn há ìka rẹ̀. Ó wà lórí ibùsùn fún ìṣẹ́jú 480, ó sì sùn fún 420. Ìdá 87 àti ààbọ̀ nínú 100 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ la dúró sí, a ó ní oorun rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ dá dúró tàbí dínkù ní ìgbà 32 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ní wákàtí 7, ìgbà 224 nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 20, ó lé ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 14 tí afẹ́fẹ́ kò fi wọlé dáadáa. Ìyípo oorun kò ráyè parí, àsùnwọra tó rí kò sì ju ìṣẹ́jú 18 lọ ní gbogbo òru.

Ìtọ̀ òru yẹn pàápàá, ibí ló ti wá. Bí àyà bá ń fà mọ́ ọ̀fun tó dí, ọkàn á nà, á sì rò pé omi ló pọ̀ jù nínú ara. Á wá ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kó da omi nù. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn kò ká náà bá a tan: ní ìgbà 224 ni ara ta gìrì lóru kan, ẹ̀jẹ̀ kò sì ráyè rọlẹ̀ bó ti yẹ kó rí lójú oorun.

Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó dé ibi àyẹ̀wò, ó ti lè gbìyànjú ohun púpọ̀. Obì á lé oorun ọ̀sán lọ, ṣùgbọ́n kaféènì inú rẹ̀ ń pẹ́ lára, ìdajì rẹ̀ sì lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 5. Ọtí àti oògùn oorun ló burú jù. Wọ́n á mú un sùn kíákíá lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ń sọ iṣan ọ̀fun di jẹ́lẹ́ńkẹ́ sí i, ọpọlọ á sì pẹ́ kó tó ta gìrì.

Ohun ìtọ́jú tó lágbára jù ni ẹ̀rọ tí Colin Sullivan ṣe ní Sydney ní ọdún 1980, tí wọ́n ń pè ní sípaapù. Kì í ṣe ọ́síjìn ló ń fúnni. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń tì gba imú wọlé nípasẹ̀ ìbòmú, agbára afẹ́fẹ́ náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀fun pàdé. Ẹlòmíràn á lò ó ní òru àkọ́kọ́, á sì jí bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ìbòmú ń há òun, imú òun sì ń gbẹ, á sọ ọ́ síbi kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kì í wo àìsàn náà sàn o. Òru tí a kò bá lò ó, ọ̀fun á tún dí. Ó wọ́n, ó nílò iná tàbí bátìrì, ilé ìwòsàn tó sì lè ṣe àyẹ̀wò yìí kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Fún ẹni tí tirẹ̀ kò le púpọ̀, fífi ẹ̀gbẹ́ sùn dípò ẹ̀yìn, dídín ìwọ̀n ara kù, tàbí ohun èlò ẹnu tí oníṣègùn eyín ń ṣe láti fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú lè tó o.

Ẹ má rò pé ọkùnrin olọ́rùn-kíki nìkan ló ń ṣe. Obìnrin náà ń ní in, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, tiwọn sì lè má pariwo. Orí fífọ́, àìlèsùn àti àárẹ̀ ni wọ́n máa ń ròyìn, wọ́n á sì ní ìrònú ló ń dà wọ́n láàmú.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tó yẹ ká mọ̀. Bí ó bá rẹ èèyàn ṣùgbọ́n tí kì í tòògbé, tó jókòó fún wákàtí kan láìsùn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ibòmíràn ni ọ̀ràn wà: ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ẹṣẹ́ tàírọ́ìdì tó ń falẹ̀, tàbí ìbànújẹ́ tó ti di àìsàn. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná.

Ẹni tó ń dá sùn kò ní ìyàwó tàbí ọkọ tí yóò jẹ́rìí fún un. Kí ó tan ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ìparí òru ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́, láti nǹkan bí aago 4 lọ, torí oorun alálàá ló pọ̀ jù nígbà yẹn, ibẹ̀ sì ni iṣan máa ń dẹ̀ jù. Ohun tí yóò máa tẹ́tí sí kì í ṣe ariwo híhanrun. Ìdákẹ́jẹ́ ni, tí ìmí ẹ̀dùn bá tẹ̀ lé e. Bí ó bá gbọ́ ọ léraléra, kí ó gbé ohùn náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà.