Bí ọ̀rá omi ṣe ń dí gọ́tà: Ọ̀rọ̀ fún ọjọ́ sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jìnnà sílé. Kí ló dé tó fi yẹ kí á dín ike àti ọ̀rá tí à ń jù nù kù, nítorí odò àti gọ́tà àdúgbò wa?

Ẹ jẹ́ ká mú Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó sì gbé ènìyàn lọ. Omíyalé ni àwọn àgbà ń pè é títí dòní. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ààwẹ̀ Rámádáánì, omi tún ya wọ ìlú náà. Ó wó afárá, ẹ̀mí tó sì bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe pàǹtírí nìkan ló fa ìwọ̀nyí. Òjò ńlá ló rọ̀, àwọn ènìyàn sì ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Àmọ́ pàǹtírí tó dí odò wà lára ohun tí kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Ní 1980, omi inú ọ̀rá kò tíì gbòde. Ewé tí wọ́n fi ń pọ́n oúnjẹ nígbà náà, jíjẹrà ló ń jẹrà. Ọ̀rá tí à ń jù lónìí kì í jẹrà bí ewé.

Báwo wá ni ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè dá omi dúró? Iyanrìn ló ń bá a ṣe iṣẹ́ náà. Omi tó ń sáré a máa gbé iyanrìn dání. Bí eré rẹ̀ bá dín kù, á sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rá kan á há sí ẹnu ihò omi abẹ́ títì, èkejì á lẹ̀ mọ́ ọn, ewé á sì dà lé wọn. Omi á ṣì máa yọ́ kọjá, ṣùgbọ́n kò ní lè sáré mọ́. Iyanrìn á wá máa jókòó sẹ́yìn ọ̀rá, òjò kan lẹ́yìn òmíràn, títí gọ́tà tó jìn dé orúnkún kò fi ní ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ lè dán an wò. Ẹ wá páìpù tí wọ́n là sí méjì, kí ẹ gbé e dagun díẹ̀. Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn sí ibi tó ga, kí ẹ sì da omi bútà kan lé e. Èyí tó pọ̀ nínú iyanrìn náà á bá omi lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dábùú ẹnu páìpù, kí ẹ fi ọ̀rá omi kan kọ́ ọn, kí ẹ tún da iyanrìn àti omi bíi ti àkọ́kọ́. Iyanrìn á jókòó, omi á sì gba ẹ̀gbẹ́ dà sílẹ̀. Wàyí o, ẹ yọ ọ̀rá náà. Ọ̀rá ti kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iyanrìn ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ṣíṣa ọ̀rá nìkan kì í fi í tún gọ́tà tó ti dí ṣe. Ṣọ́bìrì ló kù, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá tí a kò jù rárá kò ní béèrè ṣọ́bìrì.

A lè mọ gọ́tà tó ti ń dí kí òjò ńlá tó dé. Omi á dúró sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, lẹ́yìn òjò, ẹ̀fọn á sì máa pamọ síbẹ̀. Koríko á hù láàárín rẹ̀. Iyanrìn ẹ̀gbẹ́ kan ihò abẹ́ títì á ga ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Bí ẹ bá sì kó iyanrìn náà, ẹ má kó o jọ sétí gọ́tà. Òjò àkọ́kọ́ ni yóò dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò wòlímọ̀ kan. Àpò omi kan jẹ́ ọ̀rá 20. Bí wọ́n bá ra àpò 50, ọ̀rá 1,000 nìyẹn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní àdúgbò kan. Bí a bá so àpò ìrẹsì òfìfo mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní dé gọ́tà, àwọn tó ń ra ọ̀rá omi fún àtúnlò sì lè gbà á bó bá mọ́ tó sì gbẹ. Èyí tó tún dára jù ni kí á gbé dúrọ́ọ̀mù omi tó ní ẹ̀rọ kalẹ̀ pẹ̀lú ife tó ṣeé fọ̀, kí ọ̀rá náà má tilẹ̀ sí.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹnu ihò omi abẹ́ títì ni onílé ti ń kọ̀ fún un, kí òjò tó ṣú.