Ìsàlẹ̀ Èkó Ni àbí Ẹ̀pẹ́? Ọ̀rọ̀ Tọkọtaya Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ni tọkọtaya àgbà kan nínú jámáà wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó dá mi dúró. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá a fínra. Ìyá ní àtọ̀gbẹ, ó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì lójoojúmọ́. Bàbá fẹ́ kí wọ́n kó lọ sí ilé ìdílé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, Ìyá kò fẹ́. Ó ní, "Apòògùn, ọmọ mi, bá wa dá sí i."

Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ tẹ̀dó sí. Àwọn tó padà wálé ní ọdún 1862 ló dá àdúgbò Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó sílẹ̀. Nítorí náà, ilé méjì ni Bàbá ní. Èwo nínú méjèèjì ni ara wọn lè gbà?

Mo ní kí Bàbá sọ ohun tó sú u l'Ékòó. Ó ní òun kì í rí oorun sùn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá wọn wà, ìsàlẹ̀ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ń sọ̀ kalẹ̀ lóru. Ó ti yọ̀ ṣubú rí lórí àtẹ̀gùn náà. Nígbà tí mo wo oògùn rẹ̀, mo rí i pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí ń mú ènìyàn tọ̀ láti dín omi ara kù, lẹ́yìn ìrun Íṣáì ló sì ń lò ó. Dókítà rẹ̀ fara mọ́ ọn pé kó máa lò ó lẹ́yìn ìrun Sùbúì. Láàrín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń dìde lóru. Ìlú kọ́ ló ń gba oorun rẹ̀, àkókò tó ń lo oògùn ni. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ṣì wà níbẹ̀, ilé Ẹ̀pẹ́ kò sì ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Níbi èyí, Ẹ̀pẹ́ borí.

Ti Ìyá le díẹ̀. Ìgò ínsúlínì rẹ̀ gba ìwọ̀n 1,000, ó sì ń gún 30 lójúmọ́. Lójú ìṣirò, ó yẹ kó lò ó fún ọjọ́ 33. Ṣùgbọ́n irú tirẹ̀, bí a bá ti ṣí i, ọjọ́ 28 péré ló gbọ́dọ̀ lò, kí ó da ìyókù nù. Èyí tí a kò tíì ṣí ní láti wà nínú fíríìjì, láàrín ìwọ̀n ooru 2 sí 8, kì í ṣe níbi tí yìnyín ti ń dì, nítorí èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́. L'Ékòó, ìgò kan ló ń rà lẹ́ẹ̀kan ní ilé oògùn itòsí. Ní Ẹ̀pẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ wá sí Èkó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n ní láti ní ìgò mẹ́ta nílé, kí ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí iná bá wá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Bí ṣúgà bá ń lọ sókè láìsí àyípadà nínú oúnjẹ tàbí ìwọ̀n abẹ́rẹ́, kí wọ́n fura sí ínsúlínì náà.

Ẹ̀kẹta ni òru pàjáwìrì. Bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́, rọpárọsẹ̀ ni kí a fura sí. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì ló fà á, oògùn tí ń tú u ní láti wọ ara láàrín wákàtí mẹ́rin àbọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ọ̀dàn láti ọdún 1893 kò jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, agbo ilé sì kún fún ọmọ tó lè gbé Bàbá. Ẹ̀pẹ́ náà ní ilé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wọn, ọ̀nà jìn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sì mọ arúgbó.

Mo ní kí wọ́n lọ gbé Ẹ̀pẹ́ fún oṣù kan kí wọ́n tó kó ẹrù. Ọkàn Bàbá balẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná lọ fún ọjọ́ méjì, aládùúgbò kan ló bá Ìyá gbé ìgò rẹ̀ sínú fíríìjì tirẹ̀. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí tó ní mọ́tò lóru.

Wọ́n padà wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ àbúrò Bàbá bọ́ sí yàrá òkè, àwọn méjèèjì bọ́ sí yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀. Bàbá ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí òun bá rí oníná oòrùn àti ọmọ kan tí yóò bá àwọn gbé, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.