Èlé 3% lè wọ́n ju 4% lọ: ẹ wo bébà méjì tí télọ̀ mi gbé wá

Télọ̀ tó ń ránṣọ fún mi ní Ìlobùú fẹ́ yá náírà 240,000 láti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun àti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Oṣù 12 ló fẹ́ fi san án. Ibi tí wọ́n ti ń yáni lówó nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní èlé tàwọn jẹ́ 3% lóṣù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń dá owó sí ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, níbi téèyàn ń gun ọ̀kadà dé láìpẹ́, ní 4% ni tàwọn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti Ìlobùú ni màá gbà o. Ṣé ẹ ò rí i pé ó kéré ni?"

Mo ní kó ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye yẹn. Lórí bébà Ìlobùú, wọ́n kọ "fúláátì réètì". Lórí ti Ìfọ́n, wọ́n kọ "ridúsìn bálánsì". Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò, kó tó wo 3 tàbí 4.

Fúláátì túmọ̀ sí pé gbogbo 240,000 ni wọ́n máa ń ṣírò èlé lé lórí, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. 3% rẹ̀ jẹ́ 7,200. Tẹ́ ẹ bá fi 20,000 tó jẹ́ ojú owó kún un, 27,200 ló máa san lóṣooṣù. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejìlá, 20,000 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú owó tó yá, síbẹ̀ èlé 240,000 ló ṣì ń san. Àpapọ̀ èlé ọdún kan: 86,400.

Ní ti ridúsìn bálánsì, gbèsè tó ṣẹ́ kù nìkan ni wọ́n ń gba èlé lé lórí. Lóṣù àkọ́kọ́, 4% ti 240,000 jẹ́ 9,600. Lẹ́yìn tó bá san 20,000, ó ku 220,000, èlé oṣù kejì á wálẹ̀ sí 8,800. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi 800 dín lóṣooṣù, títí èlé oṣù kejìlá á fi jẹ́ 800 péré. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 62,400 ni. Èyí tó dà bíi pé ó wọ́n ló fi 24,000 dín.

Èló wá ni fúláátì yẹn jẹ́ gan-an lọ́dún? Èèyàn á rò pé 3% lọ́nà 12, ìyẹn 36%. Ṣùgbọ́n owó náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ fọ́dún kan gbáko, ó ń dá a pa dà díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣí Google Sheets lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ tẹ èyí:

```
=RATE(12,-27200,240000)*12
```

12 àkọ́kọ́ ni iye oṣù, 27,200 ni owó oṣooṣù, 240,000 ni owó tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ohun tó máa gbé jáde jẹ́ nǹkan bíi 0.61, ìyẹn 61% lọ́dún. Ti Ìfọ́n jẹ́ 48%. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1968 fipá mú ayánilówó pé kó kọ irú iye ọdọọdún yìí síwájú ẹni tó fẹ́ yáwó. Níbí, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀.

Bébà Ìlobùú yẹn ṣì ní ìlà kan nísàlẹ̀: wọ́n á yọ 7,200 owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó kó owó fún un. Á jẹ́ pé 232,800 ló máa gbà, ṣùgbọ́n gbèsè 240,000 ló máa san. Mo fi 232800 rọ́pò 240000 nínú ìṣirò yẹn, ló bá fò sókè sí nǹkan bíi 67.5%. Télọ̀ mi pariwo, "Ṣogúndogójì nìyẹn!"

Ti Ìfọ́n náà ní ìnira tiẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́, 29,600 ló máa san. Ó di oṣù kẹrin kí owó náà tó bá 27,200 ti fúláátì dọ́gba, lẹ́yìn náà ló máa wá rọlẹ̀. Ẹni tọ́jà rẹ̀ kò bá tíì yá níbẹ̀rẹ̀ lè tibẹ̀ kọsẹ̀. Àmọ́ tọ́wọ́ rẹ̀ bá dẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tó sì fẹ́ san gbogbo rẹ̀ tán, 120,000 ló kù, èlé á sì dúró níbẹ̀. Àwọn tó ń yáni ní fúláátì lè ní kó san èlé oṣù mẹ́fà tó kù náà, 43,200. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ó ti gba fọ́ọ̀mù ti Ìfọ́n. Ibi tí 29,600 oṣù àkọ́kọ́ máa gbà wá ló ń rò báyìí, torí àwọn oníbàárà rẹ̀, tí èmi náà wà lára wọn, kì í tètè sanwó aṣọ tán.