Ọ̀fun Ń Dùn, Ṣé Pẹnisílìnì Ló Kàn?

Bí ọ̀fun bá ń dun èèyàn débi pé itọ́ pàápàá ṣòro láti gbé mì, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì àdúgbò ni ọ̀pọ̀ máa ń gbà lọ. Oníkẹ́míìsì kò ní béèrè ju ọ̀rọ̀ méjì lọ tí yóò fi ka kápúsù mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sínú bébà. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ara ti ń yá, ìyìn dé bá kápúsù. Ohun tí kì í sábà wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ni pé ọ̀fun náà ì bá sàn bákan náà ká ní kápúsù kankan kò kan ẹnu rẹ̀.

Àwọn olùwádìí ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n fún àwọn kan tí ọ̀fun ń dùn ní ańtíbáyótíìkì, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní agbára kankan nínú, àwọn aláìsàn kò sì mọ èyí tí wọ́n fún àwọn. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo àyẹ̀wò náà jọ, wọ́n rí i pé nǹkan bí 8 nínú 10 àwọn tí kò rí ańtíbáyótíìkì lò ni ọ̀fun wọn ti sàn kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ara àwọn tó lo oògùn gidi tètè yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀, nǹkan bíi wákàtí 16 péré ni wọ́n fi ṣáájú.

Ohun tó ń fà á ni pé fáírọ́ọ̀sì ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀fun dídùn, àwọn fáírọ́ọ̀sì kan náà tó ń fa ọ̀fìnkìn àti ikọ́. Ògiri tó yí ara bakitéríà ká ni pẹnisílìnì ń bà jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tí pẹnisílìnì lè gbà mú un. Bakitéríà tí dókítà ń wá kiri nínú ọ̀fun ni èyí tí wọ́n ń pè ní sitirẹpitokọ́kọ́sì ẹgbẹ́ A. Nínú àgbàlagbà 100 tó gbé ọ̀fun dídùn wá sí ilé ìwòsàn, nǹkan bíi 10 ló máa ń ní in. Láàárín àwọn ọmọdé, ó lè tó 20 sí 30.

Báwo wá ni dókítà ṣe ń yọ àwọn díẹ̀ yìí kúrò láàárín ọ̀pọ̀? Wíwo ẹnu lásán kò tó, nítorí fáírọ́ọ̀sì náà lè mú kí ọ̀fun pupa kó sì wú. Ní ọdún 1981, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Robert Centor, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà kan jáde tí a ṣì ń lò títí dòní. Àmì mẹ́rin ni wọ́n ń wò, máàkì kan sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni ibà. Èkejì ni kí ẹran méjì tó wà lẹ́yìn ẹnu, èyí tí à ń pè ní tọ́ńsìlì, wú tàbí kí ọyún funfun wà lára wọn. Ẹ̀kẹta ni kí kókó wú ní iwájú ọrùn, lábẹ́ àgbọ̀n, kó sì máa dùn béèyàn bá fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹrin ni pé kí aláìsàn má ṣe máa wúkọ́.

Àmì kẹrin yẹn máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé bí ikọ́ bá kún ọ̀fun dídùn, àìsàn náà ti le sí i nìyẹn. Òdìkejì rẹ̀ ni. Sitirẹpitokọ́kọ́sì máa ń jókòó sínú ọ̀fun, kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà èémí. Ẹni tó ń wúkọ́, tí imú rẹ̀ ń dà, tí ohùn rẹ̀ ti há, fáírọ́ọ̀sì ló ṣeé ṣe jù kó wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1998, Warren McIsaac ní Kánádà fi ọjọ́ orí kún ìṣirò náà: ọmọ ọdún 3 sí 14 gba máàkì kan sí i, ẹni tó ti pé ọdún 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdánù máàkì kan, ti àwọn tó wà láàárín kò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ aláìsàn méjì dán an wò. Olùkọ́ kan, ẹni ọdún 32, ní ọ̀fun òun ti ń dùn láti ọjọ́ méjì. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́, ó ń fọn imú, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ọ̀fun rẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n tọ́ńsìlì rẹ̀ kò wú, kò sí ọyún níbẹ̀, kò sì sí kókó tó ń dùn ní ọrùn. Máàkì kan péré ló ní, ti ibà. Nínú èèyàn 100 tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ní sitirẹpitokọ́kọ́sì kò tó 10 tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Dókítà kò ní yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní kọ ańtíbáyótíìkì fún un. Parasitamọ́ọ̀, omi lọ́pọ̀lọpọ̀, omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́ láti fi yọ́nu, àti ìsinmi ló máa bá a sọ.

Aláìsàn kejì jẹ́ ọmọ ọdún 8. Ní alẹ́ àná, lójijì, ibà mú un, orí ń fọ́ ọ, inú ń run ún, ó sì bì lẹ́ẹ̀kan. Kò wúkọ́ rárá. Tọ́ńsìlì rẹ̀ wú, ọyún funfun wà lára rẹ̀ bóun-bóun, bí dókítà sì ṣe fọwọ́ kan kókó abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ló fa orí sẹ́yìn. Àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, ọjọ́ orí fi ọ̀kan kún un: máàkì márùn-ún. Síbẹ̀, nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì péré ló ní sitirẹpitokọ́kọ́sì. Máàkì kò fi hàn pé bakitéríà náà wà níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ó tọ́ láti wá a.

Níbi tí irinṣẹ́ bá wà, nọ́ọ̀sì yóò fi igi tín-ín-rín tí òwú wà lórí rẹ̀ nu tọ́ńsìlì méjèèjì àti ẹ̀yìn ọ̀fun, èsì yóò sì jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí kó tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ní bakitéríà náà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Bó bá ní kò sí, dókítà lè fi òwú mìíràn ránṣẹ́ sí láàbù nítorí pé ọmọdé ni, kí wọ́n wò ó bóyá bakitéríà yóò hù láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ìdí tí wọn kì í fi yẹ gbogbo ọ̀fun tó bá ń dùn wò ni pé nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́wàá ló ń gbé sitirẹpitokọ́kọ́sì kiri nínú ọ̀fun láìṣàìsàn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ní ọ̀fìnkìn lásán, àyẹ̀wò á ní bakitéríà wà níbẹ̀, wọn á sì fún un ní oògùn tí kò nílò.

Bí pẹnisílìnì bá ń gba wákàtí díẹ̀ péré lọ́wọ́ ìrora, kí ló dé tí dókítà fi ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu tó báyìí? Ohun tó lè tẹ̀ lé e ni wọ́n ń sá fún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí sitirẹpitokọ́kọ́sì bá ti wọ ọ̀fun, ara ọmọ mìíràn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà. Oríkèé yóò wú, ibà yóò dé, ọkàn sì lè fara gbọgbẹ́. Èyí ni ibà rumátíìkì, àwọn ọmọ ọdún 5 sí 15 ló sì máa ń mú jù. Oríkèé máa ń sàn, àmọ́ àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn lè bà jẹ́ títí ayé.

Ibùdó ọmọ ogun òfuurufú Warren, ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti fi hàn pé pẹnisílìnì lè dá a dúró. Floyd Denny, Charles Rammelkamp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ èsì wọn jáde ní ọdún 1950. Nínú ọmọ ogun 804 tí ọyún wà ní ọ̀fun wọn tí wọn kò fún ní pẹnisílìnì, ibà rumátíìkì mú 17. Nínú 798 tí wọ́n gún ní pẹnisílìnì, méjì péré ló mú. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi kún un pé oògùn náà ṣì lè dènà ibà yìí bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ìyẹn ni dókítà fi lè ní sùúrù dúró de èsì láàbù.

Ibi tí èèyàn ń gbé tún máa ń yí ìpinnu padà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ibà rumátíìkì ti ṣọ̀wọ́n gan-an, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2018 gba dókítà láyè láti fún aláìsàn tí máàkì rẹ̀ wà láàárín ní ìwé oògùn, kó sọ fún un pé kó má tíì rà á àfi bí ara kò bá yá láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham lè rò pé wọ́n fi ọmọ òun ṣeré. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn ṣì ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí ibà rumátíìkì ti ba ọkàn wọn jẹ́, àyẹ̀wò òwú kò sì sí ní ọ̀pọ̀ ibi. Dókítà tó bá rí ọmọ ọdún 8 wa yìí nílùú kékeré kan kò jẹ̀bi bó bá fún un ní pẹnisílìnì láìdúró de ohunkóhun.

Bí a bá ti pinnu láti lò ó, ó gbọ́dọ̀ pé. Bí ọmọ náà bá wọn kílò 25, wọ́n lè fún un ní pẹnisílìnì onímu, 250 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, tàbí kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì bẹnsatíìnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yúnìtì 600,000. Ẹni tó bá ti tó kílò 27 máa ń gba ìlọ́po méjì abẹ́rẹ́ yẹn. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ara ọmọ yóò ti yá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń pa oògùn onímu tì. Torí èyí ni àwọn dókítà kan fi fẹ́ràn abẹ́rẹ́ náà, bó tilẹ̀ ń dun ọmọ ní ìdí gan-an. Títí di òní, sitirẹpitokọ́kọ́sì yìí kò tíì borí pẹnisílìnì, nítorí náà kò sí ìdí láti lọ ra ańtíbáyótíìkì tó wọ́n jù ú lọ, àfi fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba pẹnisílìnì.

Ẹni tó lò ó láìnídìí lè ní ìgbẹ́ gbuuru tàbí kí ara rẹ̀ sú, bakitéríà mìíràn nínú ìfun rẹ̀ sì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń borí oògùn.

Àwọn àmì kan wà tí kò sí nínú ìṣirò máàkì rárá. Bí ẹnu kò bá ṣeé là, bí itọ́ bá ń ṣàn lẹ́nu ọmọ tí kò lè gbé e mì, bí mímí bá nira, tàbí bí ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀fun bá wú ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ awọ eérú tó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ béèyàn bá fẹ́ ká a kúrò, tí ọrùn sì wú. Dífítéríà lèyí, ó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọn kò fún ní àjẹsára pé nígbà tó jà ní Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ míì ní Nàìjíríà ní 2023. Ańtíbáyótíìkì nìkan kò tó fún un. Májèlé tí bakitéríà náà ń tú sára ló ń pa èèyàn, oògùn tó ń pa májèlé náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún aláìsàn ní kété tí wọ́n bá fura, kí èsì láàbù tó dé.